Kí Ló Jẹ Ààbọ̀ Àpò Ìrẹsì Wa? Ọ̀wọ́n Gógó Ọjà àti Náírà Tó Já Wálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àjọ̀dún ọdún kẹwàá, 2025

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ ṣókí. Bí a bá ní ká máa ka ìròyìn ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí, Akọ̀wé sì ti kọ ọ́ síwájú nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ sọ, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká ní ìparí ọdún 2023. Ọ̀rọ̀ ọjà ọdún ni.

Ẹ ó rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a fẹnu kò pé kí olúkúlùkù máa dá ₦5,000 lóṣù fún oṣù mọ́kànlá, kí a fi ra ọjà fún ara wa nínú oṣù kejìlá. Owó ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ₦55,000. Arábìnrin wa tó ń mójú tó ọjà (a ò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n) lọ sí ọjà Agége, ó sì mú iye bọ̀: àpò ìrẹsì kan ₦38,000, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún ₦9,500, páálí tòmátì inú ọ̀rá ₦5,500, owó ọkọ̀ àti alárù ₦2,000. Ó pé géérégé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí oṣù kejìlá dé, ohun tó kó wálé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ààbọ̀ àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró kan, páálí tòmátì kan. Ẹnikẹ́ni ò gba ṣéńjì. Àwọn kan kò sọ nǹkan kan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa jáde kúrò nínú ìpàdé, gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: “Níbo ni ààbọ̀ àpò yòókù wọ̀?” Ẹnì kan tilẹ̀ sọ ọ́ sójú rẹ̀ pé dọ́là kì í ṣe ìrẹsì, pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ dọ́là bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Arábìnrin náà kò jà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá wa jókòó mọ́.

Ẹgbẹ́ wá yan àwa mẹ́ta láti yẹ ìwé náà wò. Nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni iṣẹ́ wa, wọ́n ní kí Alukoro ṣe olórí. Ohun tí a rí nínú ìwé yẹn la fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹni tó ní dọ́là kì í ṣe ìrẹsì kò parọ́ tán, arábìnrin wa náà kò sì jalè.

Ohun méjì ni àwa èèyàn máa ń pò mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni pé kí náírà já wálẹ̀. Ìyẹn ni pé iye náírà tí a fi ń ra owó òkèèrè kan pọ̀ sí i. Ìjọba lè fọwọ́ ara rẹ̀ dín iye náírà kù, ó sì lè fi í sílẹ̀ kí ọjà fà á wálẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì a máa ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kò ní rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Ìkejì ni ọ̀wọ́n gógó. Ìyẹn kì í ṣe pé ọjà kan wọ́n. Ó jẹ́ pé ọjà gbogbo lápapọ̀ ń wọ́n sí i, lóṣooṣù, títí kan owó gẹ̀rì, owó ilé àti owó oṣù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Náírà tó já wálẹ̀ dà bí ẹni tó fò ga lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀wọ́n gógó dà bí ìgbín tó ń gun igi, tí kò dúró. Ọ̀kan lè fa èkejì, wọ́n sì tún lè wà láìsí ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rí ibi tí a kò ti ní jiyàn. Lára wa wà tí ń ná ọjà Kútọnu nígbà tí a ṣì kéré. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn ìjọba ilẹ̀ tó ń ná séfà pàdé ní Dákà, wọ́n sì kéde pé 50 séfà tí a fi ń gba fáránsì ilẹ̀ Faransé kan ti di 100. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Oògùn, wàrà inú agolo àti àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tó ń ti Faransé bọ̀ ní láti di ìlọ́po méjì, nítorí pé gbogbo iye wọn ló so mọ́ fáránsì. Ṣùgbọ́n àgbàdo àti gàrí kò di ìlọ́po méjì. Ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún náà, nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ọjà fi wọ́n lápapọ̀, nígbà tí ó sì fi máa di 1996, ìwọ̀n náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá márùn-ún. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọlẹ̀. Bí owó tó já wálẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí ọ̀wọ́n gógó kò bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kí náírà tó fò ní 2023, ìgbín ti wà lórí igi. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀wọ́n gógó jẹ́ ìdá 22.41, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ìjọba ń ta dọ́là kò tíì kúrò ní nǹkan bí ₦460. Ohun tó fà á pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ó yẹ kí á mọ̀ ni owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà jókòó lé e lórí nínú oṣù karùn-ún yẹn, gbèsè náà ti di tírílíọ̀nù ₦22.7. Báńkì Àpapọ̀ kì í yáni ní owó tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó tuntun ló ń dá. Bí owó tó ń lé ọjà bá pọ̀, tí ọjà kò pọ̀ tó o, ẹ̀yin náà mọ ibi tí yóò já sí.

Lẹ́yìn náà ni ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróò ní Èkó sì gbéra láti nǹkan bí ₦184 sí ₦488. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ da gbogbo ojú ọ̀nà dọ́là pọ̀ mọ́ ọ̀kan, dọ́là sì gbéra láti ₦471 sí nǹkan bí ₦664 lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti wà ní nǹkan bí ₦907.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ ká tún àṣìṣe kan ṣe, nítorí pé àwọn oníròyìn pàápàá ń ṣe é. Láti 471 sí 907, ẹnì kan ní náírà sọ ìdá 48 iye rẹ̀ nù. Òótọ́ ni: náírà tó ra dọ́là kan tẹ́lẹ̀ kò ra ju nǹkan díẹ̀ lé ní ààbọ̀ dọ́là lọ mọ́. Ẹlòmíràn ní dọ́là fi ìdá 93 wọ́n sí i. Òótọ́ ni òun náà, nítorí pé 907 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì 471. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iye ọjà, ti kejì yìí ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá lo 48 yóò máa rò pé olójà ń rẹ́ òun jẹ nígbà tí olójà ò tilẹ̀ tíì gba owó rẹ̀ padà.

Ẹ wá jẹ́ ká fi búrẹ́dì Agége ṣe é, nítorí pé oúnjẹ wa ni, a sì mọ inú rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí a fẹ́ lò yìí, kì í ṣe ìwé ìṣirò ilé búrẹ́dì kankan. Ẹ kà á sí pé búrẹ́dì kan jẹ́ ₦500 nínú oṣù karùn-ún 2023. Ẹ kà á sí pé ₦200 nínú rẹ̀ so mọ́ dọ́là: fúláwà ni púpọ̀ rẹ̀, nítorí pé àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní Àpápá, òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ṣúgà, yíìsì àti ọ̀rá tí wọ́n ń fi wé e náà wà níbẹ̀. ₦40 jẹ́ owó bẹntiróò ọkọ̀ tó ń pín in káàkiri Fágbà àti Ìjú. ₦260 yòókù jẹ́ tilé: owó àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, owó ilé, igi ìdáná, omi, èrè.

Dọ́là fò láti 471 sí 907, nítorí náà ₦200 di ₦385. Bẹntiróò lọ láti 184 sí ₦568 tí wọ́n tún gbé e sí ní Èkó nínú oṣù keje, nítorí náà ₦40 di ₦124. Ẹ jẹ́ ká ní ti ilé kò yí padà rárá. Búrẹ́dì náà di ₦769. Bí alábúrẹ́dì bá ta á ní ₦770 nínú oṣù kejìlá, kò tíì fi kọ́bọ̀ kan kún èrè rẹ̀. Bí ó bá ta á ní ₦900, ₦130 wà tí ó yẹ kí á bi í léèrè. Ó lè jẹ́ pé ó ti fi owó kún ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé onílé fowó kún ilé, ó sì lè jẹ́ pé ojú kòkòrò ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè lórí ₦130 yàtọ̀ sí ariwo lórí ₦400.

Ẹ tún wo èyí: alábúrẹ́dì lè má fowó kún un rárá. Ó lè fi í sílẹ̀ ní ₦500, kó dín in kù. Búrẹ́dì tó wúwo tó gíráàmù 500 tẹ́lẹ̀ á wá jẹ́ gíráàmù 325, owó kò yí padà, ẹnu sì dákẹ́. Àwọn ìyá wa mọ èyí ju báńkì lọ. Wọn kì í wo iye, wọ́n á fọwọ́ wọn búrẹ́dì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ọṣẹ, sí bisikíìtì, sí ìfọyín. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo owó.

Ta ló wá fi kún ₦260 ti ilé yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́n gógó gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò ra dọ́là rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọbáwọlé lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ́ ti fowó kún un, gàrí sì ti wọ́n. Ó ní kí ọ̀gá fowó kún owó òun. Ọ̀gá fi kún un, ó sì fi kún búrẹ́dì. Onílé tó ń ra búrẹ́dì fi kún owó ilé. Kò sí ẹni tó bá dọ́là jà mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwa la ń fi kún un fún ara wa. Bí dọ́là bá tilẹ̀ dúró síbi kan fún ọdún kan, kẹ̀kẹ́ yìí á ṣì máa yí.

Gàrí ló ya àwọn tí ń bínú lẹ́nu jù. Ẹ̀gẹ́ kò mọ dọ́là. Nínú ìwé arábìnrin wa, pẹ́ńtì gàrí jẹ́ ₦1,000 nínú oṣù kìíní, ó sì di ₦1,900 nínú oṣù kejìlá. Ohun mẹ́ta la rí. Bẹntiróò ló ń yí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, bẹntiróò náà ló sì ń gbé e dé Agége. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìrẹsì àti búrẹ́dì mọ́ yí sí gàrí, àwọn tó ń rà á sì pọ̀ sí i. Nígbà tí náírà sì já wálẹ̀ níwájú séfà, oúnjẹ wa di ọ̀pọ̀ lójú àwọn ará ìkọjá ẹnu ibodè, wọ́n ń fi séfà díẹ̀ kó púpọ̀ lọ. Gàrí tí kò ti òkèèrè wá, òkèèrè ń fà á lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìwé náà. Ohun tó wú wa lórí ni pé arábìnrin wa kì í kọ iye lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá lọ sọ́jà ló ń kọ ọ́, yálà ó rà tàbí kò rà. Nígbà tí a to iye wọn tẹ̀ léra wọn, oríṣi ìrìn mẹ́ta la rí.

Ata rodo gòkè nígbà òjò, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Ìyẹn kò kan náírà, kò sì kan ọ̀wọ́n gógó. Àsìkò ni. Ẹni tó bá rí ata lówó gọbọi ní oṣù keje, tó ní orílẹ̀-èdè ti bàjẹ́, kó dúró de oṣù kejìlá.

Páálí tòmátì inú ọ̀rá ṣe ohun mìíràn. ₦5,500 nínú oṣù kìíní, ₦5,700 nínú oṣù karùn-ún, ₦6,800 nínú oṣù kẹjọ, lójijì ₦9,000 nínú oṣù kẹwàá, ₦10,000 nínú oṣù kejìlá. Ó fò. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fò nínú oṣù kẹfà tí ìjọba kéde, tó jẹ́ oṣù kẹwàá? A jókòó lé èyí lórí pẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé dọ́là méjì ló wà. Kí oṣù kẹfà tó dé ni dọ́là ìta ti wà ní nǹkan bí ₦750, owó yẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé fi ń ṣe ìṣirò wọn, nítorí pé wọn kì í rí ti báńkì rà. Nígbà tí ti báńkì fò sí 664, kò kàn wọ́n. Ìgbà tí ti ìta kọjá ₦1,000 nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni tiwọn tó fò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń rí dọ́là báńkì ni oṣù kẹfà kọ́kọ́ bà. Guinness tó wà ní òpópónà Ọba Akran níbí kéde àdánù tó lé ní bílíọ̀nù ₦18 fún ọdún ìṣirò rẹ̀ tó parí nínú oṣù kẹfà 2023, gbèsè owó òkèèrè sì wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé dọ́là fò, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé dọ́là wo ni ẹni tó kó ọjà yìí wá ń rà.

Ìrẹsì kò fò, kò sì sọ̀ kalẹ̀. ₦38,000, ₦40,000 nínú oṣù karùn-ún, ₦48,000 nínú oṣù kẹjọ, ₦56,000 nínú oṣù kọkànlá, ₦58,000. Ó ń gùn ún. Nínú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà: dọ́là, séfà, bẹntiróò, owó alárù. Òun ni ọ̀wọ́n gógó gan-an fi ara hàn nínú rẹ̀.

A fi ìrẹsì yìí kan náà yẹ ọ̀rọ̀ wò láti ọ̀nà kejì, kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ọ̀wọ́n ni dọ́là ń fà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè ilẹ̀. Ìrẹsì tó ń gba Ìdìròkò wọlé, tó ń gba Ṣàngó Ọ̀tà àti Abúlé Ẹ̀gbá dé Agége, dáwọ́ dúró. Àpò ìrẹsì tó wà ní nǹkan bí ₦15,000 kọjá ₦20,000 kí ọdún tó parí. Níbo ni dọ́là wà? Ní nǹkan bí ₦360 nígboro, níbi tó wà ṣáájú náà ni. Náírà kò mì. Gbogbo ọjà náà kò sì bá ìrẹsì sáré: láti oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá, ọ̀wọ́n gógó kàn kúrò ní ìdá 11.02 dé 11.98 ni. Ọjà kan ló há. Ẹni tó bá sọ nígbà náà pé dọ́là ló fà á, irọ́ ló pa. Irọ́ yẹn sì wà lẹ́nu àwọn olójà kan.

Nítorí náà, ohun tí a máa ń bi ara wa ní báyìí kò ju díẹ̀ lọ. Ṣé ọjà yìí nìkan ló wọ́n, àbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà? Ṣé àwọn tó so mọ́ òkèèrè ló ṣáájú, tí ti ilé wá ń tẹ̀ lé e, àbí gbogbo wọn jọ gbéra? Ṣé ó fò kó tó dúró, àbí kò dúró? Idáhùn rẹ̀ kò ní sí lórí àpò kan lọ́jọ́ kan. Àfi kí èèyàn ní àkọsílẹ̀ oṣù mélòó kan.

Àwọn kan nínú wa bínú sí ohun kejì, a sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Wọ́n ní olójà ti ra ọjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, kí ló dé tó fi ń ta á ní iye tuntun? Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó ra páálí mẹ́wàá ní ₦6,800, ₦68,000 ni. Ó tà wọ́n ní ₦7,300, ó sì ní ₦73,000 lọ́wọ́. Ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún un, wọ́n ní ₦8,500 ni. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ra ju páálí mẹ́jọ lọ. Ó jèrè ₦5,000 nínú ìwé, ó pàdánù páálí méjì lórí igbá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù á pa dé. Ìdí nìyẹn tó fi ń ta á ní iye tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe iye tó fi rà á. Ìbéèrè tó tọ́ láti bi í ni pé nígbà tí iye ìrọ́pò bá sọ̀ kalẹ̀, ṣé òun náà á sọ̀ kalẹ̀?

Ó máa ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa la rí i nínú oṣù kẹrin ọdún 2024, tí dọ́là ìta tó ti tó nǹkan bí ₦1,900 nínú oṣù kejì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ₦1,100. Gbogbo èèyàn ń retí kí ọjà sọ̀. Kò sọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, dọ́là ₦1,600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi kó o wá. Àwọn tó kó o wá kò sì gbà gbọ́ pé yóò pẹ́ níbẹ̀, nígbà tí oṣù karùn-ún sì fi dé, ó ti ń gòkè padà. Èyí tó jẹ́ owó kẹ̀kẹ́, owó ilé àti owó òṣìṣẹ́, kò sí ohun tí yóò gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ìyára láti gòkè kì í bá ìyára láti sọ̀ kalẹ̀ dọ́gba.

Ti èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún 2025 tún da ọ̀rọ̀ rú. Ìjọba ní ọ̀wọ́n gógó ti kúrò ní ìdá 34.80 tó wà nínú oṣù kejìlá 2024, ó ti di 24.48 nínú oṣù kìíní 2025. Foònù wa kò sinmi lọ́jọ́ náà: “Alukoro, ẹ̀yin ará báńkì, ọjà wo ló sọ̀?” Kò sí ọjà kankan tó sọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àjọ ìṣirò yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún àkójọ ọjà tí wọ́n ń wọ̀n ṣe. Ìwọ̀n tuntun ni, kò sì yẹ kí a gbé e kò ti àtijọ́ lójú. Bí a bá tilẹ̀ lo ìwọ̀n kan náà, ọ̀wọ́n gógó tó dín kù kì í ṣe ọjà tó sọ̀. Dánfó tó ń sá 80 láti Ìyànà Ìpájà, tó wá dín eré kù sí 50, Abúlé Ẹ̀gbá ló ṣì ń lọ. Kò tíì yí ojú padà.

Ní ti ọjà ọdún wa, ohun tí àwa mẹ́ta rí nìyí. Ní oṣù kejìlá 2023, ààbọ̀ àpò ìrẹsì jẹ́ ₦29,000, òróró ₦13,000, tòmátì ₦10,000, owó ọkọ̀ àti alárù ₦3,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦55,000. Kò ku kọ́bọ̀, kò sì lé kọ́bọ̀. Odindi àpò ìbá sọ ọ́ di ₦84,000, kí a tó fi kún owó ọkọ̀. Ẹni tó jẹ ààbọ̀ àpò yòókù ni àwa fúnra wa, nítorí pé àwa ni a ní kí owó náà wà ní báńkì láti oṣù kìíní títí di oṣù kejìlá. Alukoro gan-an ló dábàá rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé ìpàdé. Owó tí báńkì san lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ ní gbogbo ọdún 2023 kò tó ohun tí ọjà fi kún ara rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta nígbà náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. A bẹ ẹgbẹ́ fún àforíjì lórí èyí.

Láti 2024 ni a ti yí i padà. Oṣù tí owó bá wọlé la ń ra ohun tó máa ń fò: tòmátì inú ọ̀rá, wàrà, ṣúgà. Ìrẹsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún la ń rà á, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ata àti àlùbọ́sà, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n títí ọdún fi máa parí. Ó ní ìyọnu tirẹ̀: eku jẹ àpò méjì, ilé ìkẹ́rù ń gba owó, páálí kan sì ti fẹ́ kọjá ọjọ́ tó yẹ kí a lò ó kí a tó ṣàkíyèsí. A ò lè tọ́jú gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ọdún 2024 tí ọjà burú ju ti 2023 lọ, odindi àpò ìrẹsì ló dé ilé olúkúlùkù.

Ó ku arábìnrin wa. Àwa mẹ́ta ti lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, kò ṣílẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fún wa ní omi mu, ó ní òun ti gbọ́, pé ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti bú òun. Nítorí náà ni a ṣe ní kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti gbangba, kí ó sì wà nínú ìwé tí yóò wà nílé gbogbo wa. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì Akọ̀wé níwájú yìí, pẹ̀lú ìwé ìgbowó rẹ̀ gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí oúnjẹ tó dé. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò tíì fún ẹlòmíràn.